Àmì Pupa Tó Jókòó sí Ìkòsì

Roheemat ọmọ Àpèkẹ́ kì í ṣe ẹni tí ń jiyàn. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ láàárín ọjà, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ sọ pé ẹ má bínú. Ìyá rẹ̀ ti ń ta ata rodo àti tàtàṣé ní Mile 12 kó tó bí i, ó sì máa ń wo ọmọ náà títí, á mi orí, á bi Ọlọ́run pé ta ni èyí jọ, nítorí ẹni tó bá ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nídìí ata, oníbàárà á gba agbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ata inú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò wọn ní Ìkòsì ò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó mọ̀wà hù ni, wọ́n ní ìwà tútù kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ẹ gbọ́ mi bí? Kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sí apá kan ná.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ni yíya àwòrán ilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó kọ́ ọ jáde ní pólì, ó wá iṣẹ́ títí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ fi jẹ tán, kí ẹgbẹ́ kan tó ń fi áńbúláǹsì gbé àwọn tí mọ́tò bá gbá tó gbà á sí ọ́fíìsì wọn ní Gbàgádà. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti ìjọba. Àwọn aláàánú kan lókè òkun àti àwọn oníṣòwò díẹ̀ nílé ló ń bọ́ ọ. Áńbúláǹsì kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún gbogbo ọ̀nà láti Kétu títí dé Mile 12.

Ọ̀nà ọ̀hún ń jẹ ènìyàn. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀ o, kò sẹ́ni tó ní kò sí, àmọ́ ta ni yóò ru agbọ̀n tòmátì sórí tí yóò tún máa gun àtẹ̀gùn? Ẹni tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn kò ní sùúrù afárá. Ibi tí wọ́n bá ti rí i pé irin àárín títì ya ni wọ́n ń gbà, wọ́n á na ọwọ́ sí mọ́tò, wọ́n á sáré. Ọ̀pọ̀ ń dé òdìkejì. Àwọn kan kì í dé.

Alábàárù kan wà tó ń jẹ́ Ṣùáíbù, ará Ṣakí, tó ti ń kó ẹrù fún Àpèkẹ́ láti ìgbà tí Roheemat kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀. Orí ọmọlanke Ṣùáíbù ni ọmọ náà ti ń lọ sílé-ìwé nígbà yẹn. Yóò jókòó sórí agbọ̀n òfìfo, ọkùnrin náà á máa tì í lọ, á máa ké sí àwọn èrò pé kí wọ́n yà fún ìyàwó òun. Ìyàwó mi ló ń pè é títí tó fi dàgbà. Eré ni, kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan. Ṣùáíbù ní aya àtàwọn ọmọ sí Ṣakí. Nígbà tí Roheemat rí iṣẹ́, lẹ́yìn ìyá tó bí i, òun ni inú rẹ̀ dùn jù. Kò yé e dáadáa ohun tí ọmọ náà ń ṣe lójúmọ́, àmọ́ bó bá ti rí i lọ́jà nírọ̀lẹ́, á dá ọmọlanke dúró.

"Ìyàwó mi, ṣé o ti ya ibi tí mo dúró sí?"

Roheemat á ní òun máa yà á. Ṣùáíbù á rẹ́rìn-ín, á máa ti ẹrù rẹ̀ lọ.

Wàyí o, ẹgbẹ́ náà fẹ́ pa àgọ́ kan. Gbàgádà ni áńbúláǹsì ń sùn sí tó ń jí sí, bí wọ́n bá sì pè é, kó tó la sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ já, ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é lè ti dákẹ́. Àwọn tó ń fún wọn lówó wá ní àwọn á ra àgọ́, kí áńbúláǹsì, nọ́ọ̀sì kan àti dẹ́rẹ́bà máa wà níbẹ̀ láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú, ní ibi tí mọ́tò ti ń gbá ènìyàn jù. Àgọ́ kan ṣoṣo. Níbo? Ìyẹn ni wọ́n ní kí Roheemat fi àwòrán sọ. Bó bá tọ́ka síbi tó yẹ, ẹ̀mí á là. Bó bá ṣì í tọ́ka, àgọ́ á dúró gbagidi síbi tí kò séwu, ènìyàn á sì máa kú níbòmíràn.

Àkọsílẹ̀ tó ní lọ́wọ́ kò burú, kò sì dára. Bí mọ́tò bá gbá ènìyàn, èyíkéyìí tó bá rí i nínú àwọn ọ̀dọ́ ọjà tí ẹgbẹ́ náà kọ́ níṣẹ́ á pe Kúnbi, ọmọbìnrin tó ń jókòó ti fóònù ní ọ́fíìsì, Kúnbi á sì fi àmì kan sórí máàpù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lágbègbè yìí. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì ọjà, á ní òun wà ní Mile 12. Ẹni tó wà níbi tí tírélà àlùbọ́sà ti ń já ẹrù, Mile 12. Ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Owódé, bí ìyàwó rẹ̀ bá pè é, Mile 12 náà ni. Báwo ni Kúnbi ṣe fẹ́ máa bi ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé Mile 12 wo? Nítorí náà, gbogbo èyí tí wọ́n bá ti pè ní Mile 12, ìdí àtẹ̀gùn afárá ló ń kàn án mọ́. Èyí tí wọ́n bá pè ní Kétu, ó di iwájú ibùdókọ̀ Kétu. Àwọn díẹ̀ tí fóònù fúnra rẹ̀ fi ibi tí wọ́n wà ránṣẹ́ nìkan ló bọ́ sí àyè wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ya irú àwòrán yìí kò le. Ẹ mú bébà funfun kan. Gbogbo ibi tí mọ́tò ti gbá ènìyàn, ẹ kán epo pupa sí i. Ẹ̀kán epo á ràn. Á ki láàárín, á máa fẹ́lẹ́ lọ sí etí. Ibi tí ẹ̀kán méjì mẹ́ta bá ti gun ara wọn, pupa á jìn. Ibi tó bá jìn jù, ibẹ̀ ni ewu wà. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é, àmọ́ nǹkan méjì wà tó yẹ kí ènìyàn fi làákàyè yàn fún un. Ọ̀kan ni ìbú, ìyẹn bí ẹ̀kán epo kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ràn jìnnà tó. Èkejì ni àpótí: kọ̀ǹpútà máa ń pín ilẹ̀ sí àpótí kéékèèké bí ìwé ìṣirò, á sì fi àwọ̀ kan kun àpótí kọ̀ọ̀kan. Ìbú ló ń sọ ibi tí pupa máa jókòó sí. Àpótí kàn ń sọ bí àwòrán ṣe máa dán tó ni. Ẹ má gbàgbé èyí.

Roheemat kọ́kọ́ yí àwọn àmì náà kúrò ní dígírì, òṣùwọ̀n tí máàpù fi ń pín gbogbo ayé, sí mítà, torí ẹni tó bá ń fi dígírì wọn ìbú títì, ọjọ́ kan ni yóò wọn Ìlọrin mọ́ Èkó. Ó wá fi ìbú sí àádọ́ta mítà. Àwòrán jáde, ó rí bí ara ọmọ tí éèyi bò: kóró kéékèèké káàkiri, tó fi jẹ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ṣubú ló dá kóró tirẹ̀ ní, lẹ́yìn náà kóró ńlá méjì tó ń jó bí iná, ọ̀kan ní ìdí àtẹ̀gùn afárá Mile 12, ọ̀kan níwájú ibùdókọ̀ Kétu.

Ọ̀gá Bartholomew, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ni olórí ọ́fíìsì náà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má fojú burúkú wò ó. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lórí títì. Ó wo àwòrán, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mọ́tò ti wá ń gun àtẹ̀gùn afárá ni? Kúnbi wolẹ̀. Roheemat ṣàlàyé pé àmì ni wọ́n kàn pọ̀ síbẹ̀, àti pé ìbú tí òun fún un ti kéré jù fún àmì tí kò dájú. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan, kí òun fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà, kí òun béèrè ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ṣubú gan-an. Ọ̀gá ní ọ̀sẹ̀ wo? Lọ́túnla ni àwọn tó ń fúnni lówó ń bọ̀. Àgọ́ kan ni wọ́n fẹ́ rà, pupa kan ni òun fẹ́ fi hàn wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni Roheemat bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ìbú. Ó fi í sí ìdajì kìlómítà, pupa ṣì jẹ́ méjì, ọ̀kan ní Mile 12, ọ̀kan ní Kétu. Ó fi í sí kìlómítà kan, méjì ni wọ́n ṣì jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí wọn ti kan ara wọn. Ó fi í sí kìlómítà méjì. Ìgbà yẹn ni epo Mile 12 àti epo Kétu wá ṣàn pàdé, wọ́n gun ara wọn láàárín, pupa tó jìn jù lọ sì lọ jókòó sí iwájú Ìkòsì, níbi tí ògiri ẹ́sítéètì gùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí irin àárín títì ga tí kò ya níbì kankan, tí ẹnikẹ́ni kì í ti sọdá. Pupa kan ṣoṣo, ó rí bí ẹyin.

Igba mítà ni àpótí rẹ̀ nígbà yẹn, àwòrán náà sì rí gbágungbàgun. Ọ̀gá ní ó dà bí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sílẹ̀, ṣé kò lè dán ju báyìí lọ? Roheemat din àpótí kù sí mítà mẹ́wàá. Kọ̀ǹpútà mí gúlegúle, ó pẹ́, ó gbé e jáde. Ó dán, ó jọ̀lọ̀, pupa ń yọ́ lọ sínú àwọ̀ ọsàn, ọsàn ń yọ́ lọ sínú yẹ́lò. Ẹni tó bá rí i á rò pé wọ́n fi rúlà wọn ilẹ̀ náà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ pupa yẹn kò sún kúrò níbi tó wà. Àpótí kékeré kò lè wo ìbú ńlá sàn. Irọ́ tó dán ni, ọmọ Àpèkẹ́ sì mọ̀.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó sọ nǹkan kan.

"Ọ̀gá, ibi tí pupa yẹn jókòó sí, n ò mọ ẹnikẹ́ni tí mọ́tò gbá níbẹ̀."

"Ṣé kọ̀ǹpútà wá parọ́ ni?"

"Rárá, sà. Èmi ni mo yan ìbú yẹn."

"O yàn án dáadáa nìyẹn. Àárín méjèèjì ni. Á yá wọn sí ọ̀tún, á yá wọn sí òsì."

Ibí yìí ni inú ti ń bí mi. Ó yẹ kó ní rárá. Ó yẹ kó sọ pé àwòrán tí ìbú rẹ̀ gùn ju ọ̀nà tí a ń wò lọ kò lè sọ apá ibi tí ewu wà ní ọ̀nà náà. Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti lanu gan-an. Ó wá rántí bó ṣe pẹ́ tó kó tó ríṣẹ́, ó rántí pé ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́, ó ní, "Ó dáa, sà."

Àwọn tó ń fúnni lówó wá, wọ́n wo àwòrán, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn fi fóònù yà á. Kó tó di òpin oṣù, àgọ́ funfun ti dúró níwájú Ìkòsì, ní apá títì tó lọ sí Kétu, áńbúláǹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Reuben dẹ́rẹ́bà jókòó sórí àga, ó ń ka pátákó ìpolówó.

Inú Àpèkẹ́ kò dùn. Ó ti fọ́nnu fún gbogbo àwọn aláta pé ọmọ òun ló ń ṣètò àgọ́ tí wọ́n máa pa sẹ́nu ọjà. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé kí ló gbé e lọ sí ìdí ògiri. Roheemat dá a lóhùn pé àárín ni, á yá sí ọ̀tún, á yá sí òsì. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Ṣùáíbù wà níbẹ̀, ó ń di agbọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní alángbá nìkan ni òun ti rí kó sọdá níwájú ògiri yẹn, ó ní bóyá alángbá ni wọ́n fẹ́ máa gbé lọ sí ọsibítù. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Roheemat náà rẹ́rìn-ín, kò rí oorun sùn dáadáa ní òru ọjọ́ yẹn.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Ẹni tó ṣubú ní Kétu, ẹni tó ṣubú ní Mile 12, Reuben ń sáré lọ, nígbà mìíràn á bá wọn láàyè, nígbà mìíràn kò ní bá wọn. Níwájú Ìkòsì, kò sẹ́ni tó fi èékánná ha ara rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú òjò, tírélà àlùbọ́sà àti ata dé láti òkè Ọya, wọ́n dúró sí òdìkejì títì. Ṣùáíbù lọ kó ata Àpèkẹ́. Ibi tí irin àárín títì ti ya, tí gbogbo alábàárù ń gbà, ló gbé ọmọlanke rẹ̀ gbà padà. Mọ́tò akérò kan tó ń sá fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, ó yọ lẹ́yìn tírélà, ó gbá a. Ata fọ́n ká sórí títì. Itan ọkùnrin náà là, ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde, àmọ́ ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Àpèkẹ́ já ìborùn rẹ̀, ó fi so itan náà bó ti mọ, ó jókòó sínú omi òjò, ó gbé orí rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ọjà pe Kúnbi. Kúnbi pe Reuben.

Reuben kò fi nǹkan kan falẹ̀. Àmọ́ apá tó lọ sí Kétu ni àgọ́ wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Mile 12, irin àárín títì kò sì ya níbẹ̀. Ó gbìyànjú àtifi ẹ̀yìn rìn, mọ́tò ti kún ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́fọ́. Ó di dandan kó lọ yí padà ní Kétu. Níbẹ̀, pẹ̀lú òjò yẹn, kò sí mọ́tò tó ń mira. Ó fọn fèrè títí, ta ni yóò yà, níbo ni wọ́n fẹ́ yà sí? Nọ́ọ̀sì kò lè dúró mọ́, ó fò sílẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀, ó fẹsẹ̀ sáré padà nínú òjò.

Àpèkẹ́ pe ọmọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Kò kí i.

"Roheemat, mọ́tò yín dà?"

"Ó ń bọ̀, Mummy. Ta ni?"

"Ṣùáíbù ni."

Roheemat di fóònù mú mọ́ etí. Ó ń gbọ́ òjò, ó ń gbọ́ àwọn èrò, ó ń gbọ́ ohùn Ṣùáíbù tó ń béèrè omi. Ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ti kúrò ní Kétu, bẹ́ẹ̀ Reuben kò tíì kúrò ní Kétu. Nígbà tó yá, kò gbọ́ ohùn tó ń béèrè omi mọ́. Ìyá rẹ̀ kò pa fóònù.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dé, áńbúláǹsì dé lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà tó wo òkú náà sọ ọ́ láìfi bò pé iṣan kan ló já nínú itan, àti pé bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá fi okùn rọ́bà dè é kíákíá, ọkùnrin náà ìbá yè. Okùn rọ́bà ọ̀hún wà nínú àgọ́, níwájú Ìkòsì. Wọ́n sin Ṣùáíbù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn alábàárù ló gbé e, àwọn tó mọ ẹrù gbé.

Ní ọjọ́ kejì, Roheemat ṣí máàpù. Àmì tuntun kan wà ní ìdí àtẹ̀gùn afárá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó kà pé: Mile 12, ọkùnrin, alábàárù, ó kú. Kúnbi ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Roheemat wo àmì náà títí. Ṣùáíbù kò tilẹ̀ gun afárá yẹn rí láyé rẹ̀. Ó pa àmì náà rẹ́, ó dìde, ó gba ọjà lọ. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ̀ mú un lọ síbi tí irin ya. Wọ́n ti da yanrìn sí i. Èèpo àlùbọ́sà lẹ̀ mọ́ yanrìn náà, mọ́tò ń kọjá lórí rẹ̀. Roheemat dúró sí etí ibẹ̀, fóònù lọ́wọ́, ó dúró títí fóònù fi rí ojú ibẹ̀ dáadáa, ó sì tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pe Kúnbi fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà tòkè tilẹ̀, láti Owódé bọ̀ sí Kétu. Ẹni yìí ṣubú síbí. Ìyá ọlọ́mọ yẹn, ibí ni. Èyí tó rántí ń sọ, èyí tí kò rántí ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà níbẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ojú ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ó yọ ọ́ kúrò, kò kàn án mọ́ ibì kankan.

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó gbìyànjú ìbú ọgọ́rùn-ún mítà, àwòrán fọ́ wẹ́wẹ́, ẹni kan ṣoṣo tó ṣubú sì ń dá pupa tirẹ̀ ní. Ó gbìyànjú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹnu géètì, ibi tí irin ya àti ibùdókọ̀ Mile 12 wá pò pọ̀ di ọ̀kan. Ó wá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó yẹ kó ti béèrè tẹ́lẹ̀: báwo ni ibi tí wọ́n ti ń sọdá ṣe gùn tó, báwo sì ni nọ́ọ̀sì ṣe lè fẹsẹ̀ sáré dé jìnnà tó kí ẹ̀jẹ̀ tó tán? Ó fi ìbú sí igba mítà ó lé àádọ́ta. Ó fi àpótí sí mítà márùndínlọ́gbọ̀n, ó tó láti fi ẹ̀gbẹ́ títì kan hàn yàtọ̀ sí èkejì, kò sì dán ju ohun tí àmì rẹ̀ mọ̀ lọ. Ó sún ìbú sókè díẹ̀, ó sún un sílẹ̀ díẹ̀, pupa kò yẹsẹ̀. Ọ̀kan jókòó síbi tí irin ya ní Mile 12, òun ló jìn jù. Ọ̀kan jókòó síbi tí àwọn tó ń ta èso ti ń sọdá ní Kétu. Iwájú Ìkòsì funfun báláú.

Ó gbé e síwájú Ọ̀gá Bartholomew. Ọ̀gá wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ti tẹ orúkọ Ìkòsì sára pátákó, ó ní àwọn tó ń fúnni lówó á béèrè ohun tó yí padà.

"Kò sí ohun tó yí padà, sà. Ibi tí wọ́n ti ń kú tẹ́lẹ̀ náà ni. Mo mọ̀ nígbà yẹn. Bí ẹ bá ní kí n tún àwòrán dídán yẹn ṣe, n ò ní ṣe é."

Ó kọ́kọ́ rò pé ọkùnrin náà máa lé òun. Ọ̀gá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà sójú. Ó ní kí Reuben lọ tú àgọ́.

Ohun tó dun Roheemat jù nìyí. Ó ti rò pé gbígbé àgọ́ kúrò á le, á gba ìwé, á gba ìpàdé, á gba ẹ̀bẹ̀. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ fa èèkàn yọ, wọ́n ká àgọ́, wọ́n jù ú sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, kí àwọn olóńjẹ tó gbé ìrẹsì ọ̀sán kalẹ̀ ó ti dúró sẹ́nu ọjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí irin ya. Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Kétu kò sì ní àgọ́ kankan síbẹ̀, pupa tibẹ̀ ń wò wọ́n.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí ata. Alábàárù mìíràn ló ń kó ẹrù. Àpèkẹ́ ní kó fi àwòrán náà han òun. Roheemat ṣí i lórí fóònù, ó fi ọwọ́ fẹ̀ ẹ́, ó fi ibi tí irin ya hàn án, àti àmì dúdú kan láàárín pupa.

"Òun nìyẹn?"

"Òun ni, mà."

Àpèkẹ́ gbé fóònù súnmọ́ ojú. Àwọn àmì dúdú mìíràn yí èyí ká, wọ́n pọ̀.

"Àwọn tó kù yìí ń kọ́?"

"Àwọn tó ti ṣubú níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni."

"Kí wọ́n tó pa àgọ́ sí Ìkòsì?"

Roheemat kò lè wò ó lójú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Mummy. N ò fẹ́ bá ọ̀gá jiyàn ni."

Àpèkẹ́ kò pariwo, òun tí gbogbo Mile 12 mọ̀ sí aláriwo. Ó dá fóònù padà fún ọmọ rẹ̀. Ó mú igbá òṣùwọ̀n, ó da àwọn ata tó ti rà lé ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tó ṣì dára. Roheemat jókòó sórí agbọ̀n òfìfo, ó bá a ṣà á. Nígbà tí oníbàárà kan dé, tó ń kí wọn, tó ń yin ọmọ náà pé ó jẹ́ oníwà tútù, Àpèkẹ́ ní kó sọ iye tó fẹ́ rà.